Ìgbà Tí Mo Yà sí Yorùbá, Ìgbà Tí Mo Padà sí Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀rọ̀ Ìfẹ̀yìntì Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kan

Ẹ̀yin àgbààgbà tó wà lórí ìjókòó, alága wa, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti di baálé ilé àti ìyálé ilé, mo kí yín o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó. Mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Ní báyìí mo fẹ́ yà sí Yorùbá, kì í sì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ti tán lẹ́nu mi. Ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì nìyí. Tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gba àlàyé, Yorùbá la ó fi là á yé ara wa. Tó bá yé wa tán, a ó gbé Gẹ̀ẹ́sì wọlé.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe. N kò ní ka àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ni, torí pé ó wà nínú ìwé tí wọ́n pín fún yín, àwòrán mi tí kò jọ mí sì wà níwájú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni wọ́n fi ń bá mi jà jù lọ. Alábẹ̀wò kan wá sí kíláàsì mi nígbà kan, ó jókòó sẹ́yìn, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé fanákúlà ti pọ̀ jù lẹ́nu olùkọ́ yìí. Kò dúró dé ìparí ẹ̀kọ́. Ká ní ó dúró ni, ì bá rí i pé àwọn ọmọ náà parí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ bí ọ̀rọ̀ fanákúlà yìí ṣe rí láyé ijọ́un. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan, tí o bá sọ Yorùbá láàárín ọgbà, wọ́n á gbé pákó kọ́ ọ lọ́rùn, ìwọ náà á sì máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó máa sọ Yorùbá kí o lè gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Àwọn mìíràn ń gba owó ìtanràn. Ohun tí ìyẹn máa ń mú wá ni pé kíláàsì á dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn kò sì jẹ́ kó sọ Yorùbá, kí ló kù fún un ju kó panu mọ́ lọ?

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ti gbọ́ nípa ohun tí wọ́n dán wò ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Fọ́ọ̀dù ti Amẹ́ríkà ló ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n fi wé wọn gba ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní ìwé tuntun àti olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ dáadáa, wọn á ní ìyẹn ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Kíláàsì tèmi kò ní ìwé tuntun. Ìwé ìṣirò tí wọ́n kó fún wa Gẹ̀ẹ́sì ni, ìdánwò tí wọ́n máa fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì Gẹ̀ẹ́sì ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó wà níwájú mi, Yorùbá ni wọ́n fi ń lá àlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti mọ ìgbà tó yẹ kí n yà, àti ìgbà tó yẹ kí n padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀kọ́ kan. Àwọn tó ṣe Pírámárì Kẹrin lọ́dọ̀ mi á rántí rẹ̀. Ìbéèrè náà wà nínú ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì pé obìnrin kan ní ọsàn 45, ó ta ìdá méjì nínú mẹ́ta, mélòó ló ṣẹ́kù? Bí mo bá kà á ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ohun tí ọmọ á gbọ́ ni “tuù tẹ́ẹ̀dì”. Tẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tí òun sì mọ̀ ni ti ẹni tó ṣe ipò kẹta nínú ìdánwò. Nítorí náà, ẹ máa rí ọmọ tó yọ 3 kúrò lára 45, tó kọ 42. Ẹ ó rí èyí tó kọ́kọ́ yọ 2, tó tún yọ 3, tó kọ 40. Ẹ̀yin tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, tí ẹ bá rí 42 tàbí 40 nínú ìwé ọmọ, ẹ má ṣe sọ pé kò mọ ìṣirò. Àyọkúrò tó ṣe tọ̀nà. Ìbéèrè gan-an ni kò yé e.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n pa ìwé dé. Mo ní àpótí kan tó kún fún ìdérí ìgò mínírà, èyí tí mo máa ń ṣà níbi òde ìgbéyàwó, tí àwọn ọmọ mi nílé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A ó ka 45 sórí tábìlì. Mo á wá sọ ní Yorùbá pé, “Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, kó dọ́gba.” Wọn á pín in, wọn á jà díẹ̀, wọn á kà á títí òkìtì kọ̀ọ̀kan á fi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo á ní, “Ó dáa. Ìyá ọlọ́sàn ta ìdá méjì nínú mẹ́ta. Òkìtì mélòó ló lọ?” Gbogbo wọn á pariwo pé méjì. Ẹnì kan á kó òkìtì méjì kúrò, a ó kà á, ó jẹ́ 30. Ohun tó ṣẹ́kù sórí tábìlì jẹ́ 15. Kò sí ẹni tó ń bi mí pé kí ni ìtumọ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta, torí ohun tó wà níwájú wọn ni orúkọ náà ń sọ: òkìtì mẹ́ta ló wà, méjì ni a mú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń lọ sídìí bọ́ọ̀dù láti kọ 2/3. Mo á fi ìka lé 3 tó wà nísàlẹ̀, mo á ní òkìtì tí a pín sí nìyẹn. Mo á fi ìka lé 2 tó wà lókè, mo á ní èyí tí a mú nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n bá ti rí i lórí tábìlì, tí wọ́n sì ti rí i lójú bọ́ọ̀dù, ni mo máa ń sọ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tuù tẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á sì máa wí i tẹ̀ lé mi bí ọwọ́ wọn ṣe wà lórí ìdérí. Láti ibẹ̀ lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Ọmọ kan á dìde, á sọ odindi gbólóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì nípa ohun tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu, mo á dúró dè é. N kì í bá a sọ ọ́.

Ìgbẹ̀yìn ẹ̀kọ́ ni ìdánwò rẹ̀ gan-an. Mo á ka ìbéèrè mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò ní fi Yorùbá kan bọ̀ ọ́ rárá: ẹyin 24, wọ́n ta ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ tó bá kọ 6 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó ṣẹ́kù ti gòkè odò. Èyí tó bá kọ 18 mọ ìdá, àmọ́ kò fetí sí ohun tí ìbéèrè bèèrè, ẹ̀kọ́ kíkà ló kù fún un. Èyí tó bá kọ 17 ti tún yọ 3 àti 4, a máa padà sídìí ìdérí ìgò lọ́la.

Àmọ́ ẹ má rò pé Yorùbá ló máa ń rọrùn nígbà gbogbo. Àwọn tó fẹ́ràn èdè wa kì í fẹ́ gbọ́ apá yìí, ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìntì, mo lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ro 46 àti 38 pọ̀ lójú bọ́ọ̀dù, kí a to ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a to ẹ̀wá sábẹ́ ẹ̀wá. Ní Yorùbá, 46 ni mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìyẹn àádọ́ta tí a ti yọ mẹ́rin kúrò lára rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ mẹ́rin, tó tún gbọ́ àádọ́ta, máa ń sáré kọ 54, ìyẹn mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ohùn kékeré tó wà láàárín nìkan ló yà wọ́n. Tó bá tilẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa, kò sí 4 àti 6 nínú orúkọ náà tó lè tò sójú bọ́ọ̀dù. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní fọ́tì-síìsì, ẹ̀wá mẹ́rin ṣáájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́fà tẹ̀ lé e, bó ṣe wà lójú bọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́. Nítorí náà, tí a bá ń to nọ́ńbà nísàlẹ̀ ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi pè é láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n ro 98 àti 45 pọ̀ lọ́kàn, láìsí bírò, àwọn ọmọ ìyá ọlọ́jà ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́. Ọ̀kan lára wọn ti wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó mọ ara rẹ̀, ó ti di akáńtáǹtì. Mo bi í lọ́jọ́ náà pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní, “Mà, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni. Mo kà á sí ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún àti márùndínláàádọ́ta, mo wá yọ méjì yẹn.” Ó jẹ́ 143. Orúkọ Yorùbá nọ́ńbà náà ló ti fi ọ̀nà àbùjá hàn án. Ó ti sọ fún un pé ọgọ́rùn-ún ló sún mọ́, méjì ló fi dín. Ọmọ tó ń pè é ní náíńtì-éètì kò ní ọ̀nà yẹn lẹ́nu, ó ní láti wá a fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò orí ahọ́n, Yorùbá. Ìṣirò ojú bọ́ọ̀dù, Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ní kí a fi èdè kan ṣoṣo ṣe méjèèjì kò tíì kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rí.

Níbi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ tíṣà rò pé lílo èdè méjì ni kí èèyàn sọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì túmọ̀ rẹ̀ ní kíá. “Ópùn yọ̀ búùkù. Ẹ ṣí ìwé yín. Tọ́ọ̀nù tù pééjì tẹ́ẹ̀nì. Ẹ ṣí i sí ojú ìwé kẹwàá.” Ó dà bí àánú, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi máa ń mọ̀ pé Yorùbá ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì sí ìdí láti fetí sí Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹ lè fi ojú yín rí i. Sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, kí o sì dákẹ́. Kíláàsì tí wọ́n ti bá ṣe báyìí tipẹ́ á máa wo ẹnu rẹ ni, kò sí ẹni tó máa ṣí ìwé. Ìtumọ̀ ni wọ́n ń dúró dè.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n kì í túmọ̀. Èdè tí mo bá fi bẹ̀rẹ̀ apá kan nínú ẹ̀kọ́ ni mo máa fi parí apá náà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àṣẹ kíláàsì láti ọjọ́ kìíní ọdún: dìde, jókòó, ṣí ìwé, nu bọ́ọ̀dù. Wọ́n ń rí ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe, nítorí náà kò pẹ́ tí wọ́n fi máa ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bá fẹ́ yà sí Yorùbá, mo máa ń kúrò nídìí bọ́ọ̀dù wá jókòó sórí àga kékeré tó wà láàárín wọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rántí àga yẹn. Tí mo bá ti jókòó, ẹ mọ̀ pé ẹ lè bèèrè ohun tó bá wù yín bó ṣe wà lọ́kàn yín. Tí mo bá dìde, ẹnu yín á yí padà.

Ohun kejì tó máa ń tan olùkọ́ jẹ ni “Yẹ́ẹ̀sì, mà!” Tíṣà á ní, “Ọ́ndásítáǹdì?” Gbogbo kíláàsì á dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, “Yẹ́ẹ̀sì, mà!” Tíṣà á kọ ọ́ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ pé ó yé wọn. Ẹ̀yin ará, ìdáhùn yẹn jẹ́ ìkíni lásán. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan gan-an ló máa ń pariwo jù, kí wọ́n má baà pe òun dìde. Ní tèmi, mo máa ń ní kí ọmọ kan sọ fún èyí tó jókòó tì í ní Yorùbá ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì máa rìn kọjá lẹ́yìn wọn. Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé tí mo fi máa mọ ibi tó ti dà rú. Tí mo bá ní kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè ka gbólóhùn mi padà fún mi bí ẹyẹ odídẹrẹ́, kó má mọ ohun kan nínú rẹ̀.

Ó ku àwọn àṣìṣe tí Yorùbá wa ń bá lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rántí àròkọ nípa ìyá yín. “Mai mọ́dà ìs ẹ tírédà. Hì sẹ́ẹ̀lì ráìsì.” Ìyá yín ti di ọkùnrin lójijì! Lẹ́nu wa, “ó” ló wà fún ìyá, ó wà fún bàbá, ó wà fún ewúrẹ́. N kò rí i pé àlàyé wo èyí sàn rí, ì báà jẹ́ ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni eré: a ó tò yíká, ẹnì kan á tọ́ka sí ẹlòmíràn, á sọ ohun tó ń ṣe, hì tàbí ṣì, kíákíá, ẹni tó bá ṣì í á jókòó. Ojoojúmọ́ ni a máa ń ṣe é kí a tó lọ jẹun ọ̀sán. Ẹnu ni ó ní láti mọ́ ọn lára.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìjọba, mo ti rí àlọ àti àbọ̀. Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1977 ti fàyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ní ìparí ọdún 2022 wọ́n ní kó di ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ní wọ́n ti fagi lé e, kí Gẹ̀ẹ́sì padà sípò. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó kó ìwé ìṣirò Yorùbá wá sí kíláàsì mi, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí wọ́n fagi lé e, kò sí ẹni tó wá kó nǹkan kan lọ. Àwọn ọmọ ń wọlé ní aago mẹ́jọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èdè kan náà ló ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ibẹ̀ ni mo parí ọ̀rọ̀ mi sí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí mo jókòó, alága ní kí àwọn tó ní ìbéèrè dìde. Ọmọ mi kan tó ti ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù dìde. Ó ní, “Mà, ti àwọn ọmọ yín lẹ yanjú, Yorùbá wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀. Ọmọ tèmi kò gbọ́ ọ rárá. Mo ń sọ ọ́ fún un, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un.” Mo ní ṣé ó rí i, ìtumọ̀ yẹn náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà ń dúró dè báyìí, bí àwọn tiwa ṣe ń dúró de Yorùbá. Mo ní kó mú nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe pọ̀ lójoojúmọ́, oúnjẹ alẹ́ tàbí ìwẹ̀, kó jẹ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè omi, kó fún un, kó ní “omi nìyí”, kó má bá a jà, kó má sì túmọ̀. Ìyókù ọjọ́ lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò burú.

Ó ní títí di ìgbà wo? Mo ní títí ọmọ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jiyàn ní Yorùbá pé òun kò fẹ́ wẹ̀.